Láti Orí Káàdì Ìtọ́jú Ikọ́ Ẹ̀gbẹ dé Ìròyìn Kọ́tà

Ìwé ìlàlóye yìí wà fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ Dọ́ọ̀tì àti olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́ àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Ó wà fún aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí ọ̀rọ̀ ara wọn ló wà lórí káàdì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè tí ìròyìn náà ń dáhùn

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: nínú gbogbo ẹni tí a kọ sínú rẹ́jísítà ikọ́ ẹ̀gbẹ láàárín oṣù mẹ́ta kan, ibo ni ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan já sí? Àwọn tí a kọ ní kọ́tà kan náà là ń pè ní ọ̀wọ́. Ẹni tó bá ti wọ inú ọ̀wọ́ kò gbọdọ̀ bọ́ nínú ìṣirò mọ́, ìbáà kú, ìbáà kó lọ sí Ìbàdàn, ìbáà má gba oògùn ọjọ́ kan péré. Dókítà Karel Styblo ló fi ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́ ní Tàńsáníà nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń parí lọ, ibẹ̀ ló sì ti tàn ká ayé. Iye ẹni tó wá gba oògùn lónìí kò lè sọ nǹkan kan fún wa nípa ẹni tí kò wá mọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń ka ọ̀wọ́.

Ọjọ́ tí a kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà ló ń sọ ọ̀wọ́ tí ènìyàn wà, kì í ṣe ọjọ́ tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí a pa káàdì dé. Ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ jẹ́ oṣù mẹ́fà: oògùn mẹ́rin fún oṣù méjì àkọ́kọ́, méjì fún oṣù mẹ́rin tó kù. Ṣùgbọ́n ẹni tó fo ọjọ́ yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ inú egungun náà sì ń gbà ju oṣù mẹ́fà lọ. Nítorí náà a ń dúró kí ọdún kan yípo. Ọ̀wọ́ Ọkitóbà sí Dìsẹ́ńbà 2023, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni a ó kọ ìròyìn ìyọrísí rẹ̀.

Kíka káàdì

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń pè ní Àlàbí nílé lè jẹ́ Sulaiman ní mọ́ṣáláṣí, kí ó sì máa jẹ́ orúkọ mìíràn níbi iṣẹ́. Bí nọ́ọ̀sì bá kọ ọ̀kan sórí káàdì tí láàbù sì kọ èkejì, ẹnì kan yóò di méjì. Nọ́ńbà rẹ́jísítà ni kí ẹ fi so wọ́n pọ̀, ẹ má fi orúkọ ṣe é. Àdírẹ́sì náà ní ọ̀nà tirẹ̀: “Èsìẹ́” nìkan kò lè mú ẹnikẹ́ni dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ kọ orúkọ agboolé, nǹkan tó wà nítòsí, bí “ilé kẹta lọ́nà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé”, àti fóònù ẹni tó ń mójú tó aláìsàn náà, kì í ṣe fóònù tirẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ ará Èsìẹ́ tàbí Àrándùn lè yàn láti gba oògùn níbòmíràn kí àwọn aládùúgbò má baà mọ̀. Ẹ béèrè ní ọjọ́ àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe fẹ́ kí a wá wọn.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn àpótí kéékèèké tí a ń sàmì ọjọ́ sí. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, àmì kan fún oògùn ọjọ́ kan. Láti oṣù kẹta, nígbà tí aláìsàn bá ń gbé oògùn lọ sílé, a máa ń fa ilà gba orí àwọn ọjọ́ tí oògùn náà yóò kárí. Ibí ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wọlé. Ní ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, òṣìṣẹ́ a fa ilà gbọọrọ kan dé òpin oṣù, a sì dàbí ẹni pé aláìsàn ti lo gbogbo rẹ̀. Ẹ óò dá a mọ̀: yíǹkì kan náà, ọwọ́ kan náà, láìsí ìdúró kankan, ilà náà sì kọjá ọjọ́ tí ẹ ń ka káàdì. A ti rí irú ilà bẹ́ẹ̀ tó ń bá a lọ lẹ́yìn ọjọ́ tí aláìsàn kú. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé oògùn: bí oògùn ọjọ́ 14 ló gbà, ilà kò lè ju ọjọ́ 14 lọ, kí ó tó padà wá fi sáṣẹ́ẹ̀tì tó ṣófo hàn.

Bí a ṣe ń mọ ẹni tó dáwọ́ oògùn dúró

Oṣù méjì tó tẹ̀ léra wọn láìlo oògùn ni ààlà. Ẹ jẹ́ ká wo àgbẹ̀ kan tí àmì rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 9 Fẹ́búárì 2024. Bí ó bá padà ní ọjọ́ 20 Máàṣì, ọjọ́ 40 ló wà láàárín. Kò tíì kan ààlà. A ó yẹ̀ ẹ́ wò, ìtọ́jú rẹ̀ yóò máa bá a lọ, a ó sì sún ọjọ́ ìparí síwájú. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ 25 Épírì ló tó dé, ìtọ́jú ti àkọ́kọ́ ti parí sí “ó dáwọ́ oògùn dúró”. A ó gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀, a ó fún un ní nọ́ńbà tuntun gẹ́gẹ́ bí ẹni tó padà lẹ́yìn ìdádúró, yóò sì wọ ọ̀wọ́ kọ́tà tí ó fi padà wá. Kódà bí ó bá sàn lẹ́yìn náà, ìyọrísí ti àkọ́kọ́ kò ní yí padà. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni àánú máa ń ṣe níbí, tí wọ́n ń fẹ́ so káàdì méjèèjì pọ̀ kí ó dàbí ìtọ́jú kan. Ẹ má ṣe é. Bí àgbẹ̀ mẹ́ta bá dáwọ́ dúró nínú oṣù tí wọ́n ń kọ ebè, ìyẹn ni yóò sọ fún wa pé kí a gbé oògùn lọ bá wọn ní abà.

Sísàn àti píparí oògùn

Ẹni tí a rí kòkòrò nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì mọ́ ní oṣù ìtọ́jú tó gbẹ̀yìn àti ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan ṣáájú, òun ni a ń kọ “ó sàn” fún. Àyẹ̀wò náà ń bọ́ sí oṣù kejì, ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Bí àyè oṣù kẹfà bá ṣófo, “ó parí oògùn” ni ẹ óò kọ, bí ó ti wù kí ara rẹ̀ le tó. Ọmọdé tí kò lè kọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde àti ẹni tí àrùn náà wà ní ọrùn tàbí egungun, “ó parí oògùn” ni tiwọn. Máíkírósíkóòpù ni kí ẹ fi ṣe àyẹ̀wò àárín ìtọ́jú. Ẹ̀rọ Jíìn-Ẹ́sípáàtì tó rí àrùn náà níbẹ̀rẹ̀ kò wúlò fún èyí, nítorí ó tún lè rí ìyókù kòkòrò tó ti kú, kí ó dẹ́rù ba ẹni tí oògùn ti ràn lọ́wọ́. Bí kòkòrò bá ṣì wà ní oṣù karùn-ún tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ìtọ́jú náà kò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ikú ní tirẹ̀ kò ní àlàyé púpọ̀. Ohunkóhun tó bá pa aláìsàn kí ìtọ́jú tó parí, kódà ọ̀kadà, “ó kú” ni a ń kọ.

Àpẹẹrẹ ọ̀wọ́ kan

Ká ní rẹ́jísítà ní orúkọ 26 fún kọ́tà náà. Ẹnì kan wá láti ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn pẹ̀lú ìwé ìgbékalẹ̀. Ibi tí a ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni a ó ti kà á. Ẹnì kan sì wà tí a rí i ní oṣù kejì pé rìfámípísìnì kò ran kòkòrò rẹ̀; ó ti bọ́ sí ọ̀wọ́ àwọn tí oògùn kò ràn, ibẹ̀ ni a ó ti kà á. Ó ku 24. Iye tí a ó fi pín nìyí, kò sì gbọdọ̀ dín mọ́.

Nínú àpótí, káàdì méjì kò sí. Láàbù rí àrùn náà lára àwọn méjèèjì, a sì kọ wọ́n sínú rẹ́jísítà, ṣùgbọ́n ọ̀kan kú kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, èkejì kò padà wá. Káàdì kẹta wà, ó kàn ní “ó lọ sí Ìlọrin” lára, láìsí nǹkan mìíràn. Nígbà tí a to gbogbo wọn, ó rí báyìí: ó sàn, 9, ó parí oògùn, 9, ìtọ́jú kò ṣiṣẹ́, 1, ó kú, 2, ó dáwọ́ oògùn dúró, 2, nítorí ẹni tí kò bẹ̀rẹ̀ rárá wà lára wọn, a kò mọ ìyọrísí rẹ̀, 1. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 24. Bí àròpọ̀ yín kò bá bá iye àkọ́kọ́ mu, ẹ má fi ìròyìn náà ránṣẹ́.

Àwọn tí ìtọ́jú yọrí sí rere fún ni ẹni tó sàn àti ẹni tó parí oògùn: 18 ÷ 24 × 100 = 75. Ẹ wá wo ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí òṣìṣẹ́ bá ka káàdì inú àpótí nìkan, tó sì fo ẹni tó lọ sí Ìlọrin: 18 ÷ 21 × 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 86. Ní ọdún 1991, Ìpàdé Ìlera Àgbáyé fi 85 nínú ọgọ́rùn-ún ṣe àfojúsùn fún ìwòsàn. Ilé ìwòsàn yìí yóò dàbí ẹni pé ó ti kọjá rẹ̀, nígbà tí ẹnì kan kú láìtíì fẹnu kan oògùn, tí ẹnì kan sì ṣì ń wú ikọ́ nínú ilé.

Ẹni tó lọ sí Ìlọrin, a lè rí i. Ẹ pe ilé ìwòsàn tí ẹ kọ sínú ìwé ìgbékalẹ̀ rẹ̀, ẹ sì fún wọn ní nọ́ńbà rẹ́jísítà. Bí wọ́n bá sọ pé ó parí oògùn ní Júláì, ẹ kọ ọjọ́ náà àti orúkọ ilé ìwòsàn náà sórí káàdì. Iye yóò di 19 nínú 24, èyí jẹ́ 79. Bí ìpè kò bá mú ìdáhùn wá, ẹ fi í sílẹ̀ ní “a kò mọ”. Ẹ má ṣe rò ó pa.

Fífi ránṣẹ́

Alábòójútó ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ń bá ilé ìwòsàn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ka káàdì sí rẹ́jísítà kí ó tó kó iye wọn jọ lọ sí ọ́fíìsì ìpínlẹ̀ ní Ìlọrin, ibẹ̀ sì ni ìròyìn náà ti ń lọ sí Àbújá. Kí alábòójútó náà tó dé, ẹ ti to káàdì ní nọ́ńbà-nọ́ńbà, kí ẹ sì fi bébà sí àyè káàdì tó sọnù, kí àlàfo náà lè hàn. Ní ọjọ́ kan náà, ẹ kọ ìyọrísí ẹni tó wá láti ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, kí ẹ fún alábòójútó náà kó fi ránṣẹ́ sí ibi tó ti wá, nítorí níbẹ̀, “a kò mọ” ni wọ́n ṣì kọ sí iwájú orúkọ rẹ̀.