Fèrèsé Tó Hàn Lára Ìgò

Ojú mi rí màbo lọ́wọ́ ìgò dúdú kan. Ìyá kan tó ń ta òróró irun ló ní kí n bá òun ṣe àwòrán ìgò tuntun òun kí wọ́n tó kó ìgò gangan dé. Kọ̀ǹpútà la fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èèyàn á mọ ìrísí ìgò sínú sọ́fíwíà bíi Blender, á ní gíláàsì ni ara rẹ̀, irin ni ìdérí rẹ̀, á wá tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Mo ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tó jáde dà bí èédú tí wọ́n dé fìlà fún.

Kì í ṣe pé ìmọ́lẹ̀ kò sí o. Mo ti ya pálọ̀ mi yíká-yíká, pẹ̀lú fèrèsé ńlá inú rẹ̀, mo sì fi àwòrán JPG náà yí ìgò ká, kí àwòrán fúnra rẹ̀ di iná. Paul Debevec ló fi ọgbọ́n yìí han ayé ní 1998: dípò kí o máa to iná kọ̀ọ̀kan, jẹ́ kí gbogbo ojúkò inú àwòrán ibi kan máa tànmọ́lẹ̀ sára ohun tí o gbé sáàárín rẹ̀. Ìdajì ọgbọ́n náà ni mo mú, mo sì fi ìdajì tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀.

Ká ní ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé lọ́sàn-án fi ìlọ́po 30 ju ti ògiri funfun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ. JPG kò lè kọ ìyẹn sílẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ kì í ju 255 lọ, nítorí náà ògiri gba 255, fèrèsé náà gba 255. Nínú fọ́tò lásán, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ara gíláàsì ni àṣírí ti ń tú, torí ìmọ́lẹ̀ tó bá kọjú sí gíláàsì gan-an, bí ìdá 4 péré nínú 100 ni gíláàsì ń dá padà. Ká pe funfun ojú kọ̀ǹpútà ní 1. Bí fèrèsé bá jẹ́ 1, 0.04 ni ìgò máa dá padà, àwọ̀ eérú ṣíṣú tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ìgò dúdú. Bí fèrèsé bá jẹ́ 30, ohun tó máa dá padà jẹ́ 1.2, ó ti kọjá funfun. Ìlà funfun kan á là gbọọrọ láti ọrùn ìgò dé ìdí rẹ̀, òun ni ojú á sì fi mọ̀ pé gíláàsì nìyí.

Fáìlì tó lè gbé 30 yẹn ni .hdr tàbí .exr. Mo gbé kámẹ́rà padà sórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, mo ya ojú kan náà lẹ́ẹ̀meje, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó ṣú débi pé ìkùukùu ìta fèrèsé hàn, títí dé èyí tó mọ́lẹ̀ débi pé abẹ́ àga hàn. Iye àkókò tí kámẹ́rà fi ń lajú nìkan ni mo ń yí. Sọ́fíwíà ló kó wọn pọ̀: ó mú fèrèsé nínú èyí tó ṣú, ó mú abẹ́ àga nínú èyí tó mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe ń yà á kiri nìyẹn títí pálọ̀ fi yípo. Bọ́ọ̀lù tó ń dán bíi dígí ni Debevec yà ní tirẹ̀, torí pé irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ń fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo yàrá hàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò bá ráyè lè mú ti Poly Haven, ọ̀fẹ́ ni.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jẹ́ .hdr ni .hdr, ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ yẹn pa JPG mọ́. Ọ̀nà tí mo fi ń dá wọn mọ̀ rọrùn. Nínú Color Management, mo máa ń fi View Transform sí Standard, mo sì máa ń fi Exposure sí -5, èyí tó ń pín gbogbo ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà 32. Fèrèsé tó jẹ́ 30 ṣì máa fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Bí gbogbo fèrèsé bá ṣú pọ̀ mọ́ ògiri, ayédèrú ni.

Mo kó tuntun náà sínú Environment Texture, mo tún àwòrán ìgò ṣe. Ìlà funfun dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àárín lébẹ́ẹ̀lì gan-an ló gbà kọjá, ó sì bo orúkọ ọjà mọ́lẹ̀. Gbogbo àyíká ni mo yí po, láti ibi Rotation Z tó wà nínú Mapping, títí ìlà fi lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìgò tún dà bí ẹni léfòó, torí àyíká inú àwòrán kò ní ilẹ̀ tí òjìji lè bọ́ sí. Mo mọ tábìlì kékeré kan sábẹ́ rẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́ sí ìyá náà, inú mi ń dùn. Ó ní ó dáa, kí n má bínú, ṣé irin ojú fèrèsé wo ló wà lórí ìdérí òun yìí?

Mo wò ó dáadáa. Irin tó ń dán ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú ìmọ́lẹ̀ padà, kì í ṣe ìdá 4 bíi gíláàsì, ìdérí náà sì ti ṣe iṣẹ́ dígí: irin tí wọ́n fi dínà olè lójú fèrèsé pálọ̀ mi hàn níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti agbada tí mo gbàgbé sórí àga. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo yọ pálọ̀ kúrò, mo fi .hdr sítúdíò kan rọ́pò rẹ̀, èyí tí kò ní ju iná onígun mẹ́rin méjì àti ògiri dúdú lọ.