Ṣúgà Kan, Òǹkà Mẹ́ta: Ohun Tí Glúkóòsì Ń Ṣe Nínú Omi

Wọn gíráàmù 10 glúkóòsì gbígbẹ tó mọ́ gaara, fi omi pò ó títí gbogbo rẹ̀ fi pé mílílítà 100, dà á sínú ọ̀pá gíláàsì tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí o sì yára gbé e sínú ẹ̀rọ polarímítà. Bí ọwọ́ rẹ bá yá dáadáa, dígíríì 11 àti díẹ̀ ni wàá kọ́kọ́ kà. Bí o bá jẹun ọ̀sán tán tó o padà wá wò ó, òǹkà náà á ti lọ sílẹ̀. Bó bá máa fi di ọjọ́ kejì, yóò ti dúró sí nǹkan bíi 5.27, kò sì ní kúrò níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bu omi sí i, ṣúgà inú rẹ̀ kò sì dín.

Ohun tí polarímítà ń wọ̀n kò ṣòro. Ìmọ́lẹ̀ máa ń mì sí gbogbo ìhà bó ṣe ń rìn. Inú ẹ̀rọ yìí ni asẹ́ kan wà tó jẹ́ pé èyí tó ń mì sí ìhà kan ṣoṣo ló máa ń jẹ́ kó kọjá. Bí ìmọ́lẹ̀ náà bá wá gba inú omi ṣúgà lọ, ṣúgà á yí ìhà tó ń mì sí. Iye dígíríì tó fi yí i sọ́tùn-ún ni à ń kà. Irú mólékù tó wà nínú omi ló ń pinnu iye yìí, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Nítorí náà, bí òǹkà bá ń yí padà nígbà tí ṣúgà kò dín, a jẹ́ pé mólékù gan-an ló ń para dà. Dubrunfaut, ará Faransé, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí èyí lọ́dún 1846: omi glúkóòsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ń yí ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po méjì èyí tó ti pẹ́. Mutarotéṣọ̀n ni wọ́n wá ń pe ìyípadà náà.

Kábọ́ọ̀nù mẹ́fà ló wà nínú glúkóòsì. Ẹ fojú inú wò ó bí okùn tí wọ́n sin ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́fà sí. Lára kábọ́ọ̀nù kìíní, ọ́síjìn kan wà tí ìdè méjì so mọ́ ọn. Lára ìkarùn-ún, ọ́síjìn kan wà tó gbé háídírójìn kan dání. Nínú omi, okùn náà kì í dúró gbọọrọ, ó máa ń ká, títí ọ́síjìn ìkarùn-ún á fi kan kábọ́ọ̀nù kìíní. Bó bá ti kàn án, á so mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú ìdè méjì tó wà níbẹ̀ á tú, ọ́síjìn kìíní á sì gba háídírójìn kan, á di OH. Omi ló ń bá wọn gbé háídírójìn kiri láàárín. Òrùka ti dé nìyẹn: kábọ́ọ̀nù márùn-ún àti ọ́síjìn kan ló yí i po, kábọ́ọ̀nù kẹfà sì rọ̀ síta. Òrùka ẹlẹ́ni mẹ́fà yìí ni wọ́n ń pè ní píránóòsì. Wọ́n ti rò nígbà kan rí pé ẹlẹ́ni márùn-ún ni, àfìgbà tí Haworth, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Bìrìtìkó tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1937, fi hàn pé mẹ́fà ni. Átọ́ọ̀mù kankan kò sọnù nínú gbogbo èyí: C6H12O6 ló wà kí òrùka tó dé, òun náà ló ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà ti pínyà nìyí. Kí òrùka tó dé, pẹlẹbẹ ni agbègbè kábọ́ọ̀nù kìíní. Ọ́síjìn ìkarùn-ún lè gba òkè wọlé sí i, ó sì lè gba ìsàlẹ̀. Ọ̀nà tó bá gbà ló máa pinnu ibi tí OH tuntun yóò kọjú sí. Bí a bá ya òrùka náà kalẹ̀ bí Haworth ṣe máa ń yà á, tí kábọ́ọ̀nù kẹfà wà lókè, OH tó bá kọjú sísàlẹ̀ jẹ́ ti álífà, èyí tó bá kọjú sókè jẹ́ ti bẹ́tà. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn nìyẹn. Irú ìbejì tó yàtọ̀ síra ní ojú kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ń pè ní ánómà.

Ìyàtọ̀ kékeré náà hàn gbangba nínú polarímítà. Bí a bá jẹ́ kí glúkóòsì dì nínú omi tí kò gbóná púpọ̀, kírísítàlì álífà ló máa ń jáde. Bó bá jẹ́ pé inú ásíìdì asẹ́tíìkì gbígbóná ló ti dì, bẹ́tà ni. Bí a bá pò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bá a ṣe ṣe lẹ́ẹ̀kan, álífà á bẹ̀rẹ̀ láti 11.22, á máa sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ láti 1.87, á máa gòkè. Orí 5.27 kan náà ni àwọn méjèèjì á ti pàdé. Ìdí ni pé òrùka náà lè tú, okùn á tún nà, á sì tún padé, bóyá ní ojú kejì lọ́tẹ̀ yìí. Títú àti pípadé yìí kì í dáwọ́ dúró. Nígbà tí òǹkà bá dúró, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iye álífà tó ń di bẹ́tà ti bá iye bẹ́tà tó ń di álífà dọ́gba.

Òǹkà mẹ́ta yìí nìkan tó láti mọ ìpín oníkálukú. Láti 1.87 dé 11.22 jẹ́ 9.35. Láti 1.87 dé 5.27 jẹ́ 3.40. Bí a bá fi 9.35 pín 3.40, a ó rí 0.364. A jẹ́ pé álífà kó nǹkan bí ìdá 36 nínú 100, bẹ́tà sì kó ìdá 64. Okùn tó ṣí sílẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún, bẹ́ẹ̀ òun ni gbogbo wọn ń gbà kọjá. Bẹ́tà ló pọ̀ jù nítorí pé òrùka náà kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, ó máa ń tẹ̀ bí àga. Lórí àga yẹn, gbogbo OH bẹ́tà ló na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí àyè wà. Ní ti álífà, OH kábọ́ọ̀nù kìíní dúró ṣánṣán, ó sì ń fún háídírójìn tó wà nítòsí mọ́.

Omi lásán kì í yára ṣiṣẹ́ yìí. Ó máa ń gba wákàtí mélòó kan. Ásíìdì tàbí álíkálì díẹ̀ ló ń mú kó yá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi polarímítà yẹ ṣúgà wò fi máa ń kán amóníà díẹ̀ sí i, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó sùn mọ́jú. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ lè rò pé ṣúgà òun ní àbùlà. Kíkà á lẹ́ẹ̀mejì ló ń tú àṣírí: bí òǹkà kejì bá yàtọ̀ sí tàkọ́kọ́, kò tíì balẹ̀. Àmọ́ kí álíkálì má pọ̀ jù, kó má sì pẹ́ nínú rẹ̀, nítorí ó lè sọ glúkóòsì di fúrúkítóòsì àti ṣúgà mìíràn.

Ohun kan ló ń dá eré yìí dúró: kí nǹkan mìíràn so mọ́ OH kábọ́ọ̀nù kìíní. Òrùka kò ní lè tú mọ́ nìyẹn. Bí glúkóòsì ṣe wà nínú gààrí àti nínú òwú nìyẹn. Álífà ló so kọ́ra nínú sítáàṣì ẹ̀gẹ́, inú wa sì lè dà á. Bẹ́tà ló so kọ́ra nínú òwú, kò sì sí ohun tó lè já ìdè yẹn lára wa.

Ní yàrá àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ yìí lè kan aláìsàn tààrà. Ẹ́ńsáìmù glúkóòsì ọ́síídéèsì tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bẹ́tà ló mọ̀. Glúkóòsì inú ẹ̀jẹ̀ ti balẹ̀ tipẹ́, ìpín bẹ́tà rẹ̀ sì ti pé. Ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá pò omi glúkóòsì tí yóò fi ṣe òṣùwọ̀n, tó sì lò ó lójú ẹsẹ̀, álífà ló máa kún inú rẹ̀. Ẹ́ńsáìmù á rí bẹ́tà díẹ̀, òṣùwọ̀n á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Tí wọ́n bá wá fi irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ díwọ̀n ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, ṣúgà rẹ̀ á dà bí ẹni pé ó ga ju bó ṣe rí gan-an lọ, wọ́n sì lè sọ pé àtọ̀gbẹ ń ṣe ẹni tí kò ní in. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ẹ́ńsáìmù mútárotéèsì, tó ń sọ álífà di bẹ́tà kíákíá, sí àwọn oògùn àyẹ̀wò kan, tí wọ́n sì fi máa ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó jẹ́ kí omi òṣùwọ̀n sùn mọ́jú kó tó fọwọ́ kàn án.