Ọ̀rọ̀ Aṣínà Wáìfáì Tuntun Dé Sórí Gúrúùpù Ẹbí

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ilé kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn. Détà tí wọ́n ń rà fún ọgbọ̀n ọjọ́ kì í pé ogún ọjọ́ mọ́. Akọ́bí ọkùnrin, tó ń bójú tó wáìfáì, tẹ 192.168.1.1 sínú fóònù rẹ̀, ojú ìwé tí wọ́n fi ń ṣètò ẹ̀rọ náà sì ṣí. Ohun èlò mẹ́rìnlá ló bá níbẹ̀. Mẹ́sàn-án péré ni ti ará ilé: fóònù márùn-ún, kọ̀ǹpútà kan, tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti invẹ́tà sólà. Márùn-ún yòókù, ta ló ni wọ́n?

Ló bá yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà lójú ẹsẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gúrúùpù Wásáàpù ẹbí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá ti yí, gbogbo ohun èlò ló máa já lórí wáìfáì. Mọ̀mí kì í ra détà sórí fóònù tiwọn, wáìfáì ilé nìkan ni wọ́n ń lò. Ọ̀nà tí iṣẹ́ náà ìbá gbà dé ọ̀dọ̀ wọn ti dí kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́.

Àwọn tó tiẹ̀ rí i kà kò rí i lò. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

```
Páswọ́ọ̀dù tuntun ni *ObeIla2O*
```

Wásáàpù a máa sọ ọ̀rọ̀ tó bá wà láàárín ìràwọ̀ méjì di dúdú kirikiri, a sì gbé ìràwọ̀ náà pamọ́. Ohun tí wọ́n rí ni ObeIla2O, lẹ́tà méjì ti dín. Yàtọ̀ sí ìyẹn, I ńlá jọ l kékeré lójú, O sì jọ òdo. Bàbá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, fóònù kò gbà.

Ọ̀rọ̀ aṣínà wáìfáì ilé kì í kéré sí lẹ́tà mẹ́jọ, kì í sì í ju mẹ́tàlélọ́gọ́ta lọ. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà àti àmì orí kíbọ́ọ̀dù ló ń gbà, nítorí náà kò sáyè fún ẹ, ọ àti ṣ tó ní àmì nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sáyè fún àmì ohùn. Síbẹ̀, èèyàn lè fi Yorùbá tí kò ní àmì ṣe é, kó sì rọrùn fún àgbàlagbà láti tẹ̀: ọ̀rọ̀ mélòó kan tí kò bára tan, gbogbo rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré, pẹ̀lú nọ́ńbà láàárín.

Lẹ́ẹ̀kejì, akọ́bí náà dá ọ̀rọ̀ aṣínà àtijọ́ padà, ó sì kọ ọ́ báyìí:

"Ẹ káàsán o, Bàbá, Mọ̀mí àti gbogbo ilé. Ní agogo méje alẹ́ òní, ọ̀rọ̀ aṣínà wáìfáì yóò yí padà. Orúkọ wáìfáì kò yí. Ẹ dákun, ẹ kọ èyí tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ sínú ìwé kí agogo méje tó lù. Lẹ́tà kékeré ni gbogbo rẹ̀, kò sí àlàfo, kò sí àmì ìdánudúró. Ẹni tó ni fóònù ni kó tún tiẹ̀ so. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni tẹlifíṣàn, àbúrò mi ló ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, èmi ló ni invẹ́tà."

Ó wá fi ọ̀rọ̀ aṣínà náà nìkan ránṣẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ dà á kọ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó sì mú un láìsí ọ̀rọ̀ mìíràn:

```
agbado4isu7ata9
```

Lórí fóònù, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló sábà máa ń dí ọ̀nà. Fóònù ti fi í pamọ́, òun náà ló sì ń gbìyànjú. Kí èèyàn wá orúkọ wáìfáì náà nínú ètò fóònù, kó tẹ Forget (lórí áífóònù, Forget This Network), kó tún yàn án, kó wá tẹ èyí tuntun. Bí fóònù bá ní ọ̀rọ̀ aṣínà kò tọ̀nà, lẹ́tà ni kí ẹ tún yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n bó bá ti so, tí nǹkan kan kò sì ṣí, ẹ̀bi ọ̀rọ̀ aṣínà kọ́ nìyẹn, ó lè jẹ́ pé détà ti tán.

Àwọn ohun èlò tí kò ní kíbọ́ọ̀dù ló yẹ ká ṣọ́ jù. Tẹlifíṣàn yóò kígbe pé òun kò rí wáìfáì. Invẹ́tà ní tiẹ̀ kì í sọ nǹkan kan: yóò máa fún ilé ní iná bó ti ń ṣe, àmọ́ iye bátìrì tó ń hàn lórí fóònù kò ní yí mọ́. Ọ̀pọ̀ irú wọn, àti ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ìgbì 2.4 GHz nìkan ni wọ́n mọ̀; wọn kì í rí 5 GHz. Bí ẹni tó ń yí ọ̀rọ̀ aṣínà bá tún gbé ààbò láti WPA2 lọ sí WPA3 nìkan, àwọn tó ti gbó nínú wọn lè má so mọ́ láé, bí ọ̀rọ̀ aṣínà tilẹ̀ tọ̀nà.

Ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, akọ́bí náà padà sí 192.168.1.1, ó ka ohun èlò mẹ́jọ. Invẹ́tà ni kò tíì dé. Ó mú fóònù rẹ̀, ó sì lọ sẹ́yìnkùlé lọ so ó.