Ó Ku Ọjọ́ Mélòó? Bí A Ṣe Ń Kéde Ẹ̀dínwó Ìparí Ọdún Láìpurọ́

Ẹni tó bá ti wọ dánfó ní Ìkòròdú rí mọ igbe kọ̀ńdọ́: "Ó ku ẹnì kan! Wọlé pẹ̀lú ṣénjì ẹ!" Ẹ ó sáré wọlé, ẹ ó sì rí i pé àyè ẹni mẹ́rin ló ṣófo. Bí ó bá tún pariwo bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, ẹ kò ní sáré mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ló ń sọ lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ "ó kù díẹ̀" rí lẹ́nu ọlọ́jà nígbà tí ọdún bá ń parí lọ. Ìyá kan lè fi owó àjọ rẹ̀ ra bàtà ọmọ, nítorí pé pátákó wí pé, "Òní ló parí." Bí ó bá kọjá níbẹ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù Jánúárì, tí ó sì bá iye kan náà, ó ti mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n fi lé òun sáré.

A kò sọ pé kí ọlọ́jà má polówó. Ohun tí a ń wí ni pé kí ọ̀rọ̀ orí pátákó dúró lórí ohun tó ń parí ní tòótọ́. Méjì ni: ọjọ́ tí owó ọjà yóò yí padà, àti iye ọjà tó kù.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé obìnrin kan ń ta bàtà ọmọdé ní ọjà Sábó, ní Ìkòròdú. 6,000 náírà ló ti ń ta bàtà kan láti oṣù mélòó kan. Ó fẹ́ tà á ní 4,500 ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ọdún 2026. Ó lè kọ ọ́ báyìí:

"Bàtà ọmọdé, 4,500 náírà. Ẹ̀dínwó yìí parí ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà, ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà, 6,000 náírà ni."

Kí ló dé tí kò fi kọ "Ó ku ọjọ́ mẹ́ta" nìkan? Àwa Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Bí a bá ná ọjà ọrọọrún ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni a ó tún ná an. Ẹ kà á wò: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ó pé márùn-ún. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn kì í ka ti òní. Bí ó bá rí "ó ku ọjọ́ mẹ́ta" ní ọjọ́ 29, ó lè rò pé ọjọ́ 1 oṣù Jánúárì ló parí. Ẹni tó ń ti Èkó wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ ní Èbúté nílò ọjọ́ gan-an àti agogo gan-an.

Bákan náà ni "Òní nìkan" lórí Wásáàpù. Bí ẹnì kan bá fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lọ́la, ó ti di irọ́. Ẹ kọ déètì sí i.

Ó ku iye ọjà. Kí obìnrin yìí ka bàtà rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ó sì tún pátákó kọ ní òwúrọ̀: "Ó ku bàtà 12. Nọ́ńbà 28 ti tán." Bí àpò bàtà mìíràn bá wà nílé tí yóò kó wá lọ́la, 12 kọ́ ló kù, àní bí 12 nìkan bá wà ní ìsọ̀.

Bí bàtà bá ṣẹ́kù ní ọjọ́ 31 ńkọ́? Kí owó padà sí 6,000 gẹ́gẹ́ bí ó ti wí. Bí ó bá mọ̀ pé òun kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó má kọ ọjọ́ rárá. Kí ó kọ pé: "Ẹ̀dínwó yìí wà títí bàtà yóò fi tán." Bí ó bá ti kọ ọjọ́ tán, tó sì wá fẹ́ fi ọjọ́ kún un, kí ó sọ ọ́ ní gbangba. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn oníbàárà yóò dúró wò ó bóyá yóò tún fi kún un.

Òfin pẹ̀lú wà níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018, tó wà fún ìdíje nínú òwò àti ààbò oníbàárà, kò gbà kí a fi ọ̀rọ̀ èké ta ọjà fún ènìyàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ "ó kù," ẹ bi ara yín pé: bí oníbàárà kò bá ra lónìí, kí ni yóò yí padà lọ́la? Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ẹ kọ iye owó nìkan, ó tó.