Bí Ìbẹ̀rù, Ìbínú àti Ẹ̀rín Ṣe Ń Ran Ará Ilé, Kíláàsì àti Ọ́fíìsì

Lóṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo èèyàn jókòó sílé nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ àdúgbò ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó ni kò fojú kan oorun. Ní Ifọ̀, Sàǹgó-Ọ̀tà, Agbádó àtàwọn àdúgbò tó yí wọn ká, àwọn ọkùnrin ń dáná sun táyà ní oríta, wọ́n mú àdá àti igi lọ́wọ́, wọ́n ń ṣọ́ títì mọ́jú. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni àwọn ọmọ ìta tí wọ́n ní wọ́n ń bọ̀ wá ja àdúgbò lólè.

Olè wà lóòótọ́. Wọ́n ja àwọn kan lólè lásìkò náà, àwọn ọlọ́pàá sì mú àwọn afurasí. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá tún sọ pé àwọn ibi kan wà táwọn sáré dé lẹ́yìn táwọn aráàlú pè wọ́n, tí wọn ò bá olè kankan níbẹ̀. Báwo wá ni ẹ̀rù ṣe dé ibi tí olè ò dé?

Ẹ jẹ́ ká fi ojúlé kan wò ó. Bàbá kan gbọ́ tí wọ́n ń lu irin ní òpópónà kejì. Kò rí olè, ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré ló gbọ́. Àyà rẹ̀ já, ó mú àdá, ó jáde. Ìyàwó rẹ̀ wo ojú ọkọ, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó kó àwọn ọmọ wọ yàrá, ó sì fi ohùn ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù. Àbúrò ò tíì lóye gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán tí ohùn tó ń gbọ̀n yẹn ti bà á lẹ́rù. Ní òpópónà tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí iná táyà tí wọ́n dá láti lé olè, wọ́n ní, “Ẹ ò rí i pé wọ́n ti dé!” Ohun tí ẹnì kan fi dáàbò bo ara rẹ̀ ló di ẹ̀rí lójú ẹni kejì.

Ohun méjì ló ń rìn pọ̀ lóru ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ni ìròyìn, èyí tí èèyàn lè bi ní ìbéèrè. Èkejì ni ẹ̀rù fúnra rẹ̀, èyí tó ń gba ojú, ohùn àti ìrìn èèyàn wọ ara ẹlòmíràn láìsọ ọ̀rọ̀ kan.

Onímọ̀ nípa ọkàn, Elaine Hatfield, pẹ̀lú John Cacioppo àti Richard Rapson, ṣe ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún 1994. Àlàyé wọn ni pé tí èèyàn bá ń wo ẹlòmíràn, ojú rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti bó ṣe dúró máa ń sín ti ẹni náà jẹ láìmọ̀. Bí ẹnì kan bá yán, ẹni tó jókòó tì í náà á yán. Lẹ́yìn náà, ohun tí ara ń ṣe á padà sọ fún ọkàn bó ṣe yẹ kó rí. Apá àkọ́kọ́ yìí hàn gbangba. Ní ti apá kejì, ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé ìfúnjúpọ̀ tàbí ẹ̀rín músẹ́ nìkan ò yí ọkàn padà púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ohun tí èèyàn ti ń rò tẹ́lẹ̀ fi ṣe pàtàkì: ẹni tó ti ń retí olè lẹ̀rù olè tètè ń ràn.

Inú ilé ni èyí ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2014, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Sara Waters àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ya àwọn ìyá kúrò lọ́dọ̀ ọmọ wọn tó tó bí ọdún kan. Wọ́n ní kí ìyá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn èèyàn. Níwájú àwọn ìyá kan, àwọn tó ń gbọ́ ń fajú ro. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ padà fún wọn, ọkàn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù bíi ti ìyá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ ò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Bàbá tí lọ́rì rẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà igbó ní Ìjẹ̀bú-Igbó lè ní òun ò sọ nǹkan kan fún àwọn ọmọ. Ọmọ ò nílò ọ̀rọ̀, bí bàbá ṣe ti ilẹ̀kùn ti tó.

Ní ti kíláàsì, àpẹẹrẹ tó lókìkí jù wá láti Tanganyika, tó ti di Tanzania báyìí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1962, ọmọbìnrin mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìdábọ̀ ní ilé ìwé kan ní Kashasha. Nígbà tó fi di oṣù kẹta, 95 nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 159 ló ti mú, wọ́n sì ti ilé ìwé náà. Kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Ẹkún àti àìbalẹ̀ ọkàn wà nínú rẹ̀, àwọn dókítà ò sì rí kòkòrò àrùn kankan. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ sílé, ó tẹ̀ lé àwọn kan dé abúlé wọn. Kò mú olùkọ́ kankan. Àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn àti ìnira wọn jọra ló ń ràn láàárín ara wọn.

Ọ́fíìsì náà ò gbẹ́yìn. Sigal Barsade gbé ìwádìí kan jáde lọ́dún 2002. Ó kó akẹ́kọ̀ọ́ 94 jọ ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́, ó ní kí wọ́n ṣe bí ọ̀gá tó ń pín owó ẹ̀bùn fún òṣìṣẹ́. Wọn ò mọ̀ pé ẹnì kan láàárín wọn ti kọ́ bó ṣe máa ṣe eré: nígbà mìíràn á tújú ká, nígbà mìíràn á rojú kókó. Ìṣesí rẹ̀ ran àwọn yòókù. Níbi tó ti tújú ká, wọ́n fọwọ́ sowọ́ pọ̀ jù, aáwọ̀ sì dín kù. Ẹ wá wo bó ṣe máa rí tó bá jẹ́ ọ̀gá gan-an ló wọlé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ láìdáhùn “Ẹ káàárọ̀ sà”, nítorí ojú ọ̀gá ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ pé ti ẹlòmíràn ló kó? Kó bi ara rẹ̀ pé, “Kí ló ṣẹlẹ̀ kí inú mi tó bàjẹ́?” Tó bá rí ìṣẹ̀lẹ̀ kan tọ́ka sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tirẹ̀. Tó bá jẹ́ ojú tàbí ohùn ẹnì kan nìkan ló rí tọ́ka sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ràn án ni. Ṣùgbọ́n ìbànújẹ́ tí ò lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú tí wọ́n fà sínú mọ́. Ó yẹ kí dókítà rí ẹni bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ògùn Wọtasáìdì mọ apá kejì ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí ìgbì bá gbá ọkọ̀, tí ẹnì kan sì pariwo dìde, tí àwọn yòókù dìde tẹ̀ lé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ariwo yẹn lè dojú ọkọ̀ dé ju ìgbì lọ. Ṣùgbọ́n bí awakọ̀ bá fohùn tútù ní, “Ẹ jókòó, ẹ má mira”, tí òun fúnra rẹ̀ ò sì mira, àwọn èrò á padà jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìfọ̀kànbalẹ̀ náà ń ràn, ojú ẹni tó di àjẹ̀ mú ni wọ́n sì kọ́kọ́ máa ń wò.