Kí Ó Tó Kan Okùn: Ìfáárà Ìdánwò Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ “mo fẹ́ wá g” ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Ó yá jù. Ohun tó gbòòrò ni kí o fi ṣíde: ohun tí a so rọ̀ máa ń fì síwá sẹ́yìn ní ìwọ̀n àkókò kan náà, ìdí nìyí tí Huygens fi lò ó fún aago ní 1656. Lẹ́yìn náà, sún mọ́ iṣẹ́ rẹ: bí ìfì bá kéré, T = 2π√(L/g), gígùn okùn ló ń pinnu àkókò, kì í ṣe ìwúwo ohun tí a so. Ibẹ̀ ni ète yóò ti jáde: “A ó yí gígùn okùn padà láti sẹ̀ǹtímítà 20 dé 100, a ó wọn àkókò ogún ìfì, kí a lè ṣírò g.” Má kọ èsì sínú ìfáárà.