Orí Kejì: Níbi Tí Àwọn Onímọ̀ Ti Ń Jiyàn

Akẹ́kọ̀ọ́ digírì kejì tó ń ṣèwádìí lórí ìṣíkiri nínú ìtàn àròsọ òde òní gbọ́dọ̀ kọ orí kan lórí ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ ṣáájú rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ púpọ̀ ti ń dà rú: lágbájá sọ báyìí, làkáṣègbè sọ tọ̀hún. Bí ẹ bá lè pààrọ̀ ipò àwọn ìpínrọ̀ náà láìsí ohun tó yí padà, àkójọ lásán ni.

Àríyànjiyàn ló yẹ kó so orí náà pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú Americanah, ìwé Chimamanda Ngozi Adichie tó jáde ní 2013. Ní 2005, Taiye Selasi kọ àròkọ kan nípa àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tó fọ́n ká sí àwọn ìlú ńlá àgbáyé. Afropólítánì ló pè wọ́n. Ní 2012, Binyavanga Wainaina kọ orúkọ náà fún ara rẹ̀. Ta ni Ifemelu inú ìwé yìí gbè lẹ́yìn? Orúkọ Selasi bá a mu nígbà tó wà ní Princeton. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Amẹ́ríkà, tó ń fi káàdì ẹlòmíràn wáṣẹ́, kò bá a mu rárá. Lẹ́yìn náà ó padà sí Èkó.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá rí i pé àwọn tó kà pẹ́ lórí Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì yára kọjá Èkó, àyè tirẹ̀ nìyẹn. Kí ó má wulẹ̀ kọ pé ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ rí. Kí ó dárúkọ ẹni tó fẹnu bà á, kó sì fi ibi tí onítọ̀hún dúró hàn.